Ìlárá, Wáyà Iná àti Ọ̀kánjúwà Méjì: Ìtàn Kruskal àti Prim

 

Ní ìlú kan tí mo gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n gbin òpó iná káàkiri àdúgbò, wọ́n sì ta wáyà sí i lórí. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn kan ti lọ ra fíríìjì. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo tó yẹ kó so wáyà wa mọ́ ibi tí iná ti ń bọ̀, owó rẹ̀ ti tán. Ọdún gorí ọdún, àwa ọmọdé ń fi òpó ṣe gòólù bọ́ọ̀lù, àwọn ẹyẹ ń sinmi lórí wáyà, òkùnkùn sì wà níbi tó wà. Wáyà wà nílùú, iná kò sí.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé orúkọ wà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọ̀nà méjì ló wà láti fa wáyà lọ́nà tí kò ní náni lówó púpọ̀. Iye kan náà ni méjèèjì máa ná yín bí ẹ bá parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí owó bá tán láàárín, ohun tí ẹ máa bá nílẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìtàn ọ̀nà méjèèjì, àti ti àwọn tó wá wọn rí, ni mo fẹ́ sọ lónìí. A ó sì gbé wọn wá sí Rẹ́mọ, kí a lè rí wọn lójú.

Iná ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí ìlú Brno, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Ṣẹkosilofákíà nígbà náà. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń fa iná mànàmáná dé àwọn ìlú àti abúlé agbègbè Moravia. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìṣirò kan wà níbẹ̀, Otakar Borůvka, tí wọ́n bí ní 1899. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mànàmáná, Jindřich Saxel, gbé ìbéèrè kan wá bá a: báwo ni a ṣe lè so gbogbo ìlú wọ̀nyí pọ̀ kí owó wáyà má baà pọ̀?

Borůvka dáhùn ní 1926. Ó ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan ìlà tó dínwó jù tó jáde láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí gbogbo wọn yàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìlú tó bá ti so pọ̀ á di ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tún yan ìlà tó dínwó jù tó jáde láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, títí gbogbo wọn á fi di ọ̀kan. Èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ló fi kọ ọ́, ó wá fi àkópọ̀ rẹ̀ ní èdè Jámánì sí ìparí.

Ẹ mú orúkọ Borůvka dání, nítorí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà méjì tí à ń sọ ti yọ.

Ẹ jẹ́ ká fa wáyà ní Rẹ́mọ

Ẹ wá sí Ìlárá Rẹ́mọ wàyí. Ẹ ka Ìlárá mọ́ Àkakà, Ìpàrà, Ìṣarà àti Òde Rẹ́mọ, tí gbogbo wọn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ. Ẹ fi Ìlíṣàn kún un, èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Ìlú mẹ́fà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé Ìlárá ni ẹ̀rọ iná wà, àti pé ibi mẹ́sàn-án péré ni òpó lè gbà kọjá. Iye tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílíọ̀nù náírà. Èmi ni mo fi iye náà sí i fún àpẹẹrẹ o, kò sí ẹni tó wọn ilẹ̀, ẹ má gbé e lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín.

- Ìṣarà sí Òde Rẹ́mọ: 3
- Ìlárá sí Àkakà: 4
- Ìpàrà sí Ìṣarà: 5
- Òde Rẹ́mọ sí Ìpàrà: 6
- Ìlárá sí Ìlíṣàn: 7
- Àkakà sí Ìlíṣàn: 9
- Àkakà sí Ìpàrà: 10
- Òde Rẹ́mọ sí Ìlíṣàn: 11
- Ìlárá sí Ìṣarà: 12

Irú àwòrán báyìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní gíráàfù. Ìlú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojúko, ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlà. Bí a bá yan ìlà tó so gbogbo ojúko pọ̀, tí kò sì sí ibi tí wáyà ti yípo padà sí ibi tó ti wá, igi la ń pe ohun tí a yàn, torí ó ń yọ ẹ̀ka bí igi. Fún ìlú mẹ́fà, ìlà márùn-ún péré ni igi máa ń ní. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo igi tó ṣeé ṣe ni à ń wá.

Kruskal: ìlà ló ń wò

Ní 1956, Joseph Kruskal gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Princeton ni iṣẹ́ Borůvka dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Ó rí i pé iṣẹ́ náà dára, àmọ́ pé ó lọ́jú ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí Kruskal sọ kò ju báyìí lọ: ẹ to gbogbo ìlà láti orí èyí tó dínwó jù. Ẹ máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá so ibi méjì tí kò tíì so pọ̀, ẹ gbà á. Èyí tó bá so ibi tó ti so pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fò ó.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀. A mú 3, Ìṣarà àti Òde Rẹ́mọ so pọ̀. A mú 4, Ìlárá àti Àkakà so pọ̀. A mú 5, Ìpàrà bọ́ sí ọ̀dọ̀ Ìṣarà. Ó kan 6, Òde Rẹ́mọ sí Ìpàrà. Ó dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti jọ wà lábẹ́ Ìṣarà, wáyà á kàn yípo ni. A fò ó. A mú 7, Ìlíṣàn so mọ́ Ìlárá. Ó kan 9, Àkakà sí Ìlíṣàn, àwọn náà ti jọ wà lọ́dọ̀ Ìlárá, a fò ó. A mú 10, Àkakà sí Ìpàrà, ẹgbẹ́ méjèèjì sì di ọ̀kan. Ó parí. Ẹ ṣírò rẹ̀: 3, 4, 5, 7 àti 10 jẹ́ 29.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ̀ pé ìlú méjì ti so pọ̀? Bí a ṣe ń ṣe é nílé náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn méjì jẹ́ ọmọ agboolé kan, ẹ ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ta ni baálé yín. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan náà, agboolé kan ni wọ́n. Ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi baálé. Nígbà tí ìlà kan bá so agboolé méjì, baálé ọ̀kan á wá sábẹ́ ti èkejì. Ẹni tó bá gbàgbé láti béèrè yìí kò ní í ráyè fo 6. Á mú 3, 4, 5, 6 àti 7, á ka ìlà márùn-ún, á rò pé òun ti ṣe tán, pẹ̀lú 25 péré. Bí iye yín bá kéré sí ti gbogbo èèyàn, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wò ó bóyá wáyà yín dé Ìpàrà láti Ìlárá.

Prim: ìlú ló ń wò

Ọdún kan lẹ́yìn Kruskal, ní 1957, Robert Prim tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs gbé tirẹ̀ jáde. Wáyà fóònù ló ń gbé ìrònú tirẹ̀ lọ ní tiẹ̀: àwọn oníbàárà tó ń háyà ìlà fóònù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Bell máa ń sanwó lórí bí ibi tí wọ́n fẹ́ so pọ̀ ṣe jìnnà síra, nítorí náà, ẹni tó bá mọ igi tó kéré jù ló mọ iye tó yẹ.

Prim kò to ìlà kankan. Ó ní: ẹ dúró sí ìlú kan. Ẹ wo gbogbo ìlà tó jáde láti ibi tí ẹ ti dé lọ sí ibi tí ẹ kò tíì dé. Ẹ mú èyí tó dínwó jù. Ìlú tuntun náà ti di tiyín. Ẹ tún wò.

A bẹ̀rẹ̀ ní Ìlárá. Ìlà 4, 7 àti 12 ló jáde níbẹ̀. A mú 4, a dé Àkakà. Ní báyìí, 7, 9, 10 àti 12 ló wà níwájú wa. A mú 7, a dé Ìlíṣàn. Ìlà 9 ti di ọ̀rọ̀ inú ilé, kò wúlò mọ́. Ó ku 10, 11 àti 12. A mú 10, a dé Ìpàrà. Láti Ìpàrà, 5 àti 6 ṣí sílẹ̀. A mú 5, a dé Ìṣarà, a wá mú 3, a dé Òde Rẹ́mọ. Ẹ ṣírò: 4, 7, 10, 5, 3. Ó jẹ́ 29. Ìlà márùn-ún kan náà gan-an ni.

Ẹ fojú sí 10 yẹn. Kruskal ló mú un gbẹ̀yìn, nítorí òun ló wọ́n jù. Prim mú un ní àárín, ó sì mú un kí ó tó fọwọ́ kan 3, èyí tó dínwó jù ní gbogbo agbègbè náà. Kì í ṣe pé Prim kò mọ owó ìná. Kò tíì dé ibi tí 3 wà ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi pàdé?

Ọ̀nà ọ̀kánjúwà ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí: kí o mú ohun tó dára jù lójú ẹsẹ̀, kí o má bojú wẹ̀yìn. Nínú ayé wa, ọ̀kánjúwà máa ń kó bá ènìyàn. Kí ló dé tí kò kó bá wa níbí?

Ẹ pín ìlú mẹ́fà yẹn sí ọ̀nà méjì. Ìlárá, Àkakà àti Ìlíṣàn wà ní apá kan. Ìpàrà, Ìṣarà àti Òde Rẹ́mọ wà ní apá kejì. Ìlà mẹ́ta ló la ààlà náà kọjá: 10, 11 àti 12. Ká ní ẹnì kan gbé ètò wá tí kò ní 10 nínú. Dandan ni kó lo 11 tàbí 12, torí wáyà gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ fi 10 kún ètò rẹ̀, wáyà á yípo, àyípo náà á sì gba 11 tàbí 12 padà kọjá ààlà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Gbogbo ìlú ṣì so pọ̀, owó sì ti dín. Nítorí náà, ètò rẹ̀ kò lè jẹ́ èyí tó kéré jù láéláé.

Bí ẹ bá pín wọn lọ́nà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà: ìlà tó dínwó jù tó kọjá ààlà gbọ́dọ̀ wọ inú igi. Gbogbo ìlà tí Kruskal gbà ló dínwó jù lórí ààlà kan. Ti Prim náà rí bẹ́ẹ̀: ààlà tirẹ̀ ni èyí tó wà láàárín ibi tó ti dé àti ibi tí kò tíì dé. Òtítọ́ kan ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe pé wọ́n ṣèèṣì bára pàdé.

Èyí tún fi hàn pé ìlú tí Prim ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan sí igi náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìṣarà, ẹ ó mú 3, 5, 10, 4, 7. Ó ṣì jẹ́ 29. Ibi kan ṣoṣo tí igi méjèèjì ti lè yàtọ̀ ni bí iye méjì bá dọ́gba. Ká ní Àkakà sí Ìlíṣàn náà jẹ́ 7, ẹ lè mú èyíkéyìí nínú méjèèjì, igi yín á yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ yín, àmọ́ àpapọ̀ owó á ṣì jẹ́ 29. Bí àpapọ̀ bá yàtọ̀, ẹnì kan ti ṣìṣe.

Prim ni àṣìṣe ti sábà máa ń wọlé. Ẹlòmíràn á máa wo ìlú tó dé gbẹ̀yìn nìkan, kò ní wo gbogbo ibi tó ti dé. Onítọ̀hún á lọ láti Ìlárá sí Àkakà pẹ̀lú 4, á gba 9 dé Ìlíṣàn, 11 dé Òde Rẹ́mọ, lẹ́yìn náà 3 àti 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32. Ẹlòmíràn á máa ro ọ̀nà pọ̀ láti Ìlárá, á máa wá ibi tó súnmọ́ Ìlárá jù dípò ibi tó súnmọ́ igi jù. Ìyẹn á mú 12 lọ sí Ìṣarà tààrà, torí 12 kéré sí 19 tí Àkakà àti Ìpàrà á gbà. Tirẹ̀ á parí sí 36. Ọ̀nà tó kúrú jù fún arìnrìn-àjò kọ́ ni wáyà tó dínwó jù fún gbogbo ìlú.

Èwo ló yá?

Ní 1959, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, gbé ìwé kékeré kan jáde tó yanjú ìṣòro méjì. Ọ̀kan ni ti ọ̀nà tó kúrú jù, èyí tí a fi mọ orúkọ rẹ̀ jù lọ. Èkejì ni ti igi wa yìí, ọ̀nà ti Prim náà ló sì gbà, láìgbára lé ìwé Prim. Ó sọ ní gbangba pé tòun sàn ju ti Kruskal lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé Kruskal fẹ́ kí gbogbo ìlà wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí a lè tò wọ́n, àmọ́ òun kò nílò ju iye ìlú lọ ní ìpamọ́ nígbà kan.

Lónìí tí fóònù yín lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò, ọ̀rọ̀ yẹn lè dà bí àríyànjiyàn lásán. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò gba nǹkan púpọ̀. Ẹ gbé ìlú 1,000 wò, tí ìlú kọ̀ọ̀kan lè so mọ́ gbogbo ìyókù. Ìlà rẹ̀ á jẹ́ 499,500. Kruskal á fẹ́ to gbogbo wọn. Prim á mú ìwé kan dání, tí ó kọ ọ́ sí i fún ìlú kọ̀ọ̀kan tí kò tíì dé: ìlà tó dínwó jù tó lè gbà dé ibẹ̀. Ìlà 1,000 péré ló máa ń wà nínú ìwé náà, á sì máa tún un kọ bí ó ṣe ń dé ìlú tuntun.

Bí ìlà kò bá pọ̀, bíi ti mẹ́sàn-án tiwa yìí, Kruskal rọrùn. Títò wọn kò gba àkókò, bíbéèrè baálé sì yá kíákíá. Nítorí náà, nígbà tí ìlà bá kún bí igbó, ẹ wo ọ̀dọ̀ Prim. Nígbà tí ìlà bá ṣọ̀wọ́n, tàbí tí wọ́n ti tò ó fún yín tẹ́lẹ̀, Kruskal kò burú rárá.

Bí owó bá tán lójú ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká padà sí òpó àdúgbò wa. Ká ní mílíọ̀nù 21 ló wà lọ́wọ́ dípò 29, a sì rò pé ìyókù á dé.

Ẹni tó bá tẹ̀ lé Kruskal á ná 3, 4, 5 àti 7, ìyẹn 19. Ohun tó kù lọ́wọ́ kò tó 10. Gbogbo ìlú mẹ́fà ló ti rí wáyà. Ṣùgbọ́n Ìlárá, Àkakà àti Ìlíṣàn nìkan ló ní iná. Ìpàrà, Ìṣarà àti Òde Rẹ́mọ so pọ̀ mọ́ ara wọn dáadáa, kò sì sí nǹkan kan tó ń gba inú wáyà wọn kọjá. Mílíọ̀nù 8 ti wọlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró de 10.

Ẹni tó bá tẹ̀ lé Prim láti Ìlárá á ná 4, 7 àti 10. Ó pé 21 géérégé. Ìlú mẹ́rin ní iná. Ìṣarà àti Òde Rẹ́mọ kò rí òpó kankan, ṣùgbọ́n kò sí wáyà kan tó wà lásán.

Ẹ má gbọ́ mi bí ẹni pé Prim ló dára jù nígbà gbogbo. Kò sí èyí tó ṣèlérí ohunkóhun nípa àárín iṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìparí ni ìṣirò wọn mọ̀. Kì í ṣe pé Prim ń yan iye ìlú tó pọ̀ jù tí 21 lè tan iná fún, ó kàn jẹ́ pé igi rẹ̀ kò fìgbà kan já kúrò ní ibi tí iná ti ń bọ̀. Bí ẹ bá ní owó tó pé, tí òṣìṣẹ́ yín sì pọ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ ní ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ètò Kruskal kò ní ṣe yín ní nǹkan. Bí owó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ iná, kí ẹ máa wú bí igi.

Ta ló ni orúkọ náà?

Ó ku ohun kan. Ọ̀nà tí à ń pè ní ti Prim, Prim kọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Vojtěch Jarník, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ka iṣẹ́ Borůvka, ó sì kọ lẹ́tà sí i pé òun rí ọ̀nà tó rọrùn jù. Wọ́n tẹ lẹ́tà náà jáde ní 1930, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣáájú Prim. Ọ̀nà yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ló wà nínú rẹ̀, Prim àti Dijkstra kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ti kọjá níbẹ̀. Lónìí, àwọn ìwé kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀nà Jarník àti Prim. Àwa tí à ń fi Yorùbá sọ ìṣirò lórí ètò yìí, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó pa fóònù, ẹ mú bírò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ Prim láti Ìlíṣàn, kí ẹ kọ ìlà márùn-ún náà bí ẹ ṣe ń mú wọn. Bí kò bá jẹ́ 29, ẹ padà lọ wo gbogbo ibi tí ẹ ti dé, kì í ṣe ibi tí ẹ dé gbẹ̀yìn nìkan. Ó dìgbà kan ná.